Ẹ bá mi wo ṣùkú ọmọ mi nínú fọ́tò yìí: ṣé ó kàn mọ́ ni àbí wọ́n ti fà á jù?

Ìyá Mọ́ríà (Ìlọrin)
Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi ojú yín wo fọ́tò mẹ́ta tí mo gbé sókè yìí. Ọmọ mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 7, ó wà lọ́dọ̀ màmá ọkọ mi ní Ọ̀fà fún họ́lídè, èmi wà ní Ìlọrin níbí. Wọ́n di ṣùkú fún un lánàá nítorí Iléyá, wọ́n fi átáṣímẹ́ǹtì sí i, ẹsẹ̀ 14 ni mo kà. Bí wọ́n ṣe dì í tán báyìí náà ni wọ́n ya fọ́tò, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀kan láti òkè orí. Ìlà rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fẹ fọ́tò yẹn lójú fọ́nù, ẹ̀bátí ọmọ yẹn ń dán jù lójú mi, mo tún rí nǹkan funfun tótòtó níbẹ̀. Màmá ní kò sí nǹkan kan, pé ọmọ ń ṣeré. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mò ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ wò ó kí n tó pè wọ́n padà. Kí lẹ rí?

Afọ́tò Táíwò
Màmá Mọ́ríà ẹ fọkàn balẹ̀. Fíláàṣì ni wọ́n fi ya fọ́tò ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹ wo òjìji orí ọmọ yẹn lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe dúdú tó sì mú létí yẹn, fíláàṣì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí fíláàṣì bá bà lé awọ orí tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì pa, kò ní ṣàì dán. Torí náà dídán yẹn kì í ṣe pé wọ́n fà á. Ohun tí èmi rí tí kò dára ni pé àwọn ìlà yẹn ò dọ́gba, wọ́n fẹ̀ nísàlẹ̀ wọ́n wá tín-ín-rín lókè, onídìrí yẹn ò fara balẹ̀.

Onídìrí Ìta-Àmọ̀dù
Bọ̀dá Afọ́tò, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ fíláàṣì yẹn òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ìlà yẹn kọ́ lẹ sọ yẹn o. Ṣùkú ni wọ́n dì. Gbogbo ẹsẹ̀ irun ṣùkú láti etí orí ló ti ń gòkè lọ pàdé ní àárín orí, ibi tí wọ́n ń lọ kò gbà wọ́n tó ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, torí náà ìlà gbọ́dọ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ kó sì máa dín kù bó ṣe ń gòkè. Tí ẹ bá rí ṣùkú tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ yáa wò ó dáadáa, wọ́n ti pa ẹsẹ̀ kan pọ̀ mọ́ òmíì níbì kan. Kòlẹ́sẹ̀ ló yàtọ̀, ìyẹn láti iwájú lọ sẹ́yìn ọrùn, ìyẹn ló yẹ kó dọ́gba, òun náà á sì fẹ̀ díẹ̀ ní àtàrí torí pé ibẹ̀ ni orí ti tóbi jù.

Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi ṣe ń wo ìlà nínú fọ́tò, torí àwọn oníbàárà máa ń fi fọ́tò iṣẹ́ ẹlòmíì ránṣẹ́ sí mi pé irú èyí làwọn fẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yẹn dáa lóòótọ́. Fọ́tò òkè orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kó irun jọ sí, ẹ mú etí bébà tó gún, ẹ tẹ́ ẹ lé ìlà kọ̀ọ̀kan lójú fọ́nù, kí ẹ wò ó bóyá ibi kan náà ni gbogbo wọn ń forí lé. Mo ti ṣe é fún ti Mọ́ríà. Nínú àwọn ìlà tó hàn nínú fọ́tò òkè yẹn, gbogbo wọn ló forí lé ojú ibì kan àfi méjì lápá òsì níwájú, àwọn yẹn forí lé ẹ̀yìn díẹ̀, bíi pé nígbà tí onídìrí yẹn dé ibẹ̀ ló rí i pé àyè ti fẹ́ẹ̀ tán, ó wá fún wọn mọ́ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó láti iwájú ò lè rí i.

Lẹ́yìn náà ẹ fẹ fọ́tò yẹn, kí ẹ tẹ̀lé ìlà kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìlà tí wọ́n fi kóòmù onídìí ṣóńṣó là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Tí onídìrí bá gbé kóòmù kúrò kó tó tún gbé e lé e, ẹ máa rí ibi kékeré tí ìlà ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tún gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo irun tó sọdá, ìyẹn irun ẹsẹ̀ kan tó gba orí awọ kọjá lọ sínú ẹsẹ̀ kejì. Ọ̀kan tàbí méjì kì í ṣe ẹ̀sùn, irun ọmọdé rọ̀, á yọ́ jáde. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdì kan ló sọdá, ìyẹn ò pín irun dáadáa, irun tó sọdá yẹn ni ẹsẹ̀ méjì á sì jọ máa fà ní ìdí kan náà, ọmọ á mọ̀ ọ́n lára. Ti Mọ́ríà kò ní ìyẹn. Ní ti pé ó mọ́, ó mọ́.

Ṣùgbọ́n pé ìlà mọ́ kò ní kéèyàn mọ̀ bóyá wọ́n fà á. Nígbà míì gan-an, fífà ló mú kó mọ́, torí awọ tí wọ́n fà dáadáa máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà á sì hàn kedere. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a wò báyìí.

Àǹtí Sídí
Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ẹ lè bá mi sọ iye tí wọ́n ń di irú èyí ní Ìta-Àmọ̀dù, torí mo fẹ́ dì í fún ara mi. Iwájú orí tèmi ti pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, gíná wíífìn ni mo máa ń dì látọdún tó ti pẹ́, irun kò hù níbẹ̀ mọ́ àfi èyí tó kéré tó wà létí pátápátá. Òróró wo ni kí n máa fi pa á?

Onídìrí Ìta-Àmọ̀dù
Àǹtí Sídí, mi ò ní gba owó yín fún ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má di ṣùkú, ẹ má sì di ohunkóhun tó ń fa iwájú sẹ́yìn báyìí. Ibi tó ti pá yẹn kì í ṣe òróró ló kù fún un, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ ara wò ó. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀, màá dá yín lóhùn níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ẹ kú alẹ́. Àǹtí Sídí, òótọ́ ni Onídìrí sọ. Irun kéékèèké tó ṣẹ́kù létí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá pá, bí ibi tí irun ti ń fà ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí a bá tètè dá fífà yẹn dúró, irun lè padà hù, ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ gan-an tí ihò irun ti dí, kì í hù mọ́. Ẹ má fi falẹ̀.

Ìyá Mọ́ríà, ẹ jẹ́ ká padà sí tiyín. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò lára ọmọdé, ìyẹn tí fọ́tò bá gbà mí láyè. Àkọ́kọ́ ni ìdí irun gan-an, ibi tí irun ti yọ láti inú awọ. Tí irun bá fà jù, awọ yẹn á gbéra sókè ní ìdí irun, á ṣe gegele kékeré bíi bí aṣọ àgọ́ ṣe máa ń gbéra níbi òpó. Ní ẹ̀bátí ló ti ń tètè hàn, torí irun ibẹ̀ tín-ín-rín, kò sì pọ̀. Èkejì, ojú ọmọ. Ẹ wo irun òkè ojú rẹ̀, ṣé ó gbéra ju bó ṣe máa ń rí lọ, ṣé igun ojú rẹ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ẹnu yà. Kí ẹ mú fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ tí kò dirun, kí ẹ fi wé ara wọn, torí ojú ọmọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ̀kẹta ni kókó tàbí irorẹ́ kéékèèké ní ìdí irun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa wá pupa o. Lára awọ dúdú, ibi tó ń wú lè dúdú sí i tàbí kó kàn máa dán, kó le tí a bá fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dìrun tán ni wọ́n ya fọ́tò yìí. Kókó ò tíì ní jáde nígbà yẹn. Ó lè tó ọjọ́ kejì kó tó hàn. Torí náà fọ́tò yìí kò lè sọ fún wa pé kò sí, ìrora náà kò sì sí nínú fọ́tò rárá. Fọ́tò tuntun la nílò.

Màmá Ìbejì Ọ̀rọ́
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Irun tuntun ń dun ni, kí la fẹ́ ṣe sí i. Wọ́n di tiwa, a sunkún, lọ́jọ́ kẹta ó rọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Tí ẹ bá tú u kí ọjọ́ Iléyá tó pé, ọmọ á wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ láìdirun. Ẹ fún un ní oògùn orí fífọ́ kó sùn.

Onídìrí Ìta-Àmọ̀dù
Màmá, ẹ kú ìdájọ́ o, ẹ ò purọ́, ṣùgbọ́n irun tí wọ́n dì fún yín nígbà náà, irun orí yín nìkan ni. Ó lè dun yín, kò sí nǹkan tó tún so mọ́ ọn tó ń fà á wálẹ̀. Èyí tí a ń wò yìí ní átáṣímẹ́ǹtì nínú, gbogbo rẹ̀ sì kóra jọ ní àárín orí, ìwúwo yẹn ń fà ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sáré, tó bá mi orí. Tí irun bá sì ń dunni débi tí ọmọ á fi lo oògùn kó tó lè sùn, onídìrí ló yẹ kó tún ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Màmá Ìbejì Ọ̀rọ́
Ìyẹn yé mi. Átáṣímẹ́ǹtì kò sí nígbà tiwa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé gbogbo ìrora ni ewu.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Mo gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú yín, Màmá. Èyí tó ń dín kù lọ́jọ́ kan sí èkejì yàtọ̀ sí èyí tí kókó bá bá a jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fọ́tò tuntun.

Afọ́tò Táíwò
Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe máa yà á, ìyẹn iṣẹ́ mi. Kí màmá gbé ọmọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pa fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló máa jẹ́ kí ohun tó gbéra sókè lára awọ ní òjìji, fíláàṣì ń pa òjìji yẹn rẹ́. Kí wọ́n má lo 0.5x, ó máa ń tẹ ìlà tó wà létí fọ́tò, ìlà tó gún á dà bí èyí tó wọ́. Kí wọ́n jìnnà díẹ̀, kí wọ́n lo 2x tó bá wà. Kí wọ́n rí i dájú pé Beauty kò sí lórí, nítorí ìyẹn á nu kókó kúrò, á tún nu irun kéékèèké etí orí. Kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì lórí wasáàpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún un pọ̀, tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ìyá Mọ́ríà (Ìlọrin)
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe màmá, mo sọ fún wọn pé mo kàn fẹ́ fọ́tò tó dáa láti fi pamọ́, wọ́n sì ní kí ọmọ àbúrò ọkọ mi yà á láàárọ̀ yìí. Ó ti wọlé, mo ti gbé e sókè. Ẹ wo ti òsì. Mo rí i pé láàárín etí àti iwájú orí, ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́, awọ gbéra ní ìdí irun lóòótọ́, mo ka mẹ́ta. Lápá ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan funfun tótòtó yẹn ṣì wà níbẹ̀. Màmá ní ọmọ náà kò fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn lóru àná, wọ́n rò pé nítorí pílò ni.

Onídìrí Ìta-Àmọ̀dù
Ẹ ti rí i. Àwọn ẹsẹ̀ méjì tí mo sọ lánàá pé kò forí lé àárín náà nìyẹn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ kí ẹ wo nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: ẹ fi sísanra ẹsẹ̀ irun wé ilẹ̀ tó jókòó lé. Lápá ọ̀tún, ìdí ẹsẹ̀ irun kò sanra ju ilẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní tín-ín-rín, ó ń sanra díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ìyẹn ni pé irun ọmọ ni onídìrí yẹn fi bẹ̀rẹ̀, ó gòkè díẹ̀ kó tó ki átáṣímẹ́ǹtì bọ̀ ọ́. Lápá òsì, ilẹ̀ tó kù fún ẹsẹ̀ méjì yẹn kéré torí àyè ti fẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ki átáṣímẹ́ǹtì tó pọ̀ kan náà bọ̀ ọ́, láti ìdí pátápátá, kó lè bá àwọn tó kù dọ́gba lójú. Irun ọmọ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó láti gbé e. Òun ló ń fa awọ sókè.

Tí ẹ bá wo fọ́tò látòkèèrè, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ó tún lẹ́wà. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Iṣẹ́ Tánkè
Ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Ṣé nǹkan funfun yẹn kì í ṣe iná orí? Ọmọ iléèwé ni, wọ́n máa ń kó o.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fẹ̀ ẹ́, fọ́tò ò mú un tó. Kí màmá fi aṣọ tútù nu ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá parẹ́ pátápátá, jẹ́ẹ̀lì tó gbẹ ni. Tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi èékánná mú èyí tó wà lára irun, kí wọ́n gbìyànjú láti fà á lọ sókè lára irun yẹn. Ẹyin iná orí kì í yẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irun. Èyí tó ń yọ̀ lọ lára irun bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú okùn, awọ tó bó ní ìdí irun ni, irun tí wọ́n ń fà náà máa ń ní i. Tó bá jẹ́ inú awọ ló wà, tó sì rọ̀, ọyún lè wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Mọ́ríà (Ìlọrin)
Mo wá sọ òótọ́ fún màmá. Wọn ò bínú, àwọn náà ló sọ pé ọmọ náà ti ń gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Báwo ni ká ṣe tú ti ẹ̀bátí láìba ṣùkú yẹn jẹ́ báyìí?

Onídìrí Ìta-Àmọ̀dù
Ẹsẹ̀ méjì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ tú, ẹ má fọwọ́ kan àwọn tó kù. Kí wọ́n yọ òpin wọn nínú ìkójọ tó wà lókè, kí wọ́n tú wọn wálẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n má fi abẹ tàbí síṣọ́ọ̀sì kan ìdí. Kí wọ́n fi òrí díẹ̀ tàbí àdín àgbọn rọ irun ọmọ, àmọ́ kí wọ́n má fi í kan ibi tí kókó bá wà. Kí wọ́n wá sọ ẹsẹ̀ méjèèjì di ẹyọ kan tó fẹ̀, irun ọmọ nìkan, láìfi átáṣímẹ́ǹtì sí i, kí wọ́n dì í gòkè pẹ̀lú ọwọ́ rírọ̀. Ẹsẹ̀ á di 13, kò sẹ́ni tó máa kà á lọ́jọ́ Iléyá. Tí wọ́n bá dì í tán, kí ọmọ gbé òkè ojú rẹ̀ sókè kó sọ ọ́ kalẹ̀. Tí iwájú orí bá lọ tó bọ̀ láìsí pé ó fa ojú, ó ti rọ̀.

Tí kókó bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìdì, kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn.

Ìyá Mọ́ríà (Ìlọrin)
Wọ́n ti tú u, màmá fúnra wọn ló dì í. Ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì láàná. Èyí tó pọ̀ nínú nǹkan funfun yẹn parẹ́ nígbà tí wọ́n nù ún, ṣùgbọ́n méjì ṣẹ́kù sínú awọ, wọ́n rọ̀ díẹ̀. Mo ní tó bá di ọjọ́ Ajé tí nǹkan méjì yẹn ò tíì lọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú. Onídìrí tó ṣe é kọ́kọ́ ní irun kò le, pé ọmọ náà lawọ orí rẹ̀ rọ̀ jù. Mi ò bá a jà.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé tó bá ń tóbi sí i tàbí tí ibà bá mú un tàbí tí kókó bá yọ sẹ́yìn etí tàbí lọ́rùn rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ọjọ́ Ajé dáa.

Ọmọ Iṣẹ́ Tánkè
Màmá Onídìrí, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ṣì kù. Mo rí fọ́tò àwọn kan tí ìlà wọn funfun báláú, ó mú bí ẹni fi bírò fà á. Ọ̀gá mi ní wọ́n fi nǹkan sí i ni. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Onídìrí Ìta-Àmọ̀dù
Ẹ wo ibi tí ìlà ti pàdé iwájú orí. Awọ orí àti awọ iwájú máa ń yàtọ̀ díẹ̀, ìlà gidi á parẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọnú iwájú. Tí ìlà bá dúró gbáú létí irun, tí funfun rẹ̀ sì jẹ́ bákan náà láti iwájú dé òkè, wọ́n ti kun ún tàbí wọ́n ti tún fọ́tò ṣe. Ẹlòmíì náà máa ń fi nǹkan dúdú kun etí irun kí iwájú tó ti ń pá lè kún, ìyẹn kò ní ní ihò irun, ẹ fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wá ìdí irun kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí fọ́tò bá ti fún pọ̀, èmi náà ò lè sọ. Ọ̀gá rẹ lè tọ̀nà, ó sì lè jẹ́ orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni. Fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ bí Bọ̀dá Afọ́tò ṣe sọ, ká jọ wò ó.